Gíga Aboyún àti Ìrọbí Tí Ó Dínà

Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé ìrọbí obìnrin kúkurú a máa le. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́.

Egungun ìbàdí dàbí òrùka, àárín rẹ̀ ni ọmọ sì ní láti gbà kọjá. Òrùka obìnrin tí kò ga sábà máa ń kéré. Bí ebi àti àìsàn bá dí ìdàgbàsókè ọmọbìnrin lọ́wọ́, egungun ẹsẹ̀ àti ti ìbàdí a jọ jẹ nínú ìyà náà. Ewu ọmọdébìnrin tí ó lóyún tún pọ̀ sí i, nítorí egungun ìbàdí ṣì ń dàgbà nígbà tí gíga ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró.

Nítorí èyí ni agbẹ̀bí ṣe ń wọn gíga aboyún. Ní ibòmíràn, ẹni tí kò tó 150 sẹ̀ǹtímítà ni a ń fi àmì sí ìwé rẹ̀. Ní ibòmíràn, 145. Ṣùgbọ́n àmì kì í ṣe ìdájọ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin kúkurú ni ó ń bímọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọmọ obìnrin gíga pẹ̀lú sì lè há bí orí rẹ̀ bá tóbi. Ìrọbí nìkan ni ó lè fi hàn bóyá ọ̀nà gba ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Gíga rẹ̀ jẹ́ 146 sẹ̀ǹtímítà, oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ sì nìyí. Ní agogo 6 òwúrọ̀, ẹnu ilé-ọmọ rẹ̀ ṣí ní 5 sẹ̀ǹtímítà. Ní ọ̀sán gangan, 5 náà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrọbí mú un gidigidi. Agbẹ̀bí fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó rí i pé orí ọmọ kò tíì wọ inú òrùka. Egungun orí ọmọ sì ti ń gun ara wọn. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020 ka irú ìdúró wákàtí 6 bẹ́ẹ̀ sí ohun tí ó yẹ kí a fura sí. A pe dókítà, a sì fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ náà jáde láàyè.

Bí a bá fi í sílẹ̀ ńkọ́? Orí ọmọ yóò tẹ àpò ìtọ̀ mọ́ egungun títí ẹran ibẹ̀ yóò fi kú. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ihò a là, ìtọ̀ a sì máa ṣàn láìdábọ̀. Ọmọ a sábà kú. Àgbo tàbí abẹ́rẹ́ tí ń mú ìrọbí le kò ṣí ọ̀nà tí egungun dí. Ó lè fa ilé-ọmọ ya, pàápàá lára ẹni tí ó ti bímọ rí.

Nítorí náà, kí ẹni tí a fi àmì sí ìwé rẹ̀ má ṣe bẹ̀rù, ṣùgbọ́n kí ó wà nítòsí ilé ìwòsàn tí a ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ kí oṣù rẹ̀ tó pé.