Súkúkù: Bí Owó Ṣe Ń Mú Èrè Wá Láìsí Èlé

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan tó ń ta aṣọ l'Ọ́ṣogbo ní 100,000 náírà lọ́wọ́ tí kò fẹ́ ná. Bó bá kó o sí àkáǹtì ìfowópamọ́, báńkì á máa fi èlé lé e. Mùsùlùmí sì ni ìyá yìí, èèwọ̀ ni rìbà fún un. Ṣé kó wá gbé owó náà sábẹ́ ìbùsùn ni? Rárá o. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní súkúkù.

Ẹ̀sìn kò kọ èrè. Ohun tó kọ̀ ni kéèyàn yá ẹlòmíì lówó, kó wá gba ju iye tó yá a lọ. Àmọ́ ẹni tó ra ṣọ́ọ̀bù tó sì fi háyà kò ṣẹ̀ bó bá gba rẹ́ǹtì, torí ohun kan wà nílẹ̀ tí ayálégbé ń lò. Orí ìyàtọ̀ yìí ni súkúkù dúró lé.

Ní Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló kọ́kọ́ gbé e jáde lọ́dún 2013, lásìkò Gómìnà Raúf Arẹ́gbẹ́ṣọlá: bílíọ̀nù 10 náírà, láti fi kọ́ ilé ìwé. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ gbé tiẹ̀ jáde: bílíọ̀nù 100 náírà fún ojú ọ̀nà 25. Títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára wọn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Iléeṣẹ́ kan tí ìjọba dá sílẹ̀ fún un ló ń gba owó lọ́wọ́ aráàlú, owó náà ni wọ́n sì ń fi ṣe ọ̀nà. Iléeṣẹ́ yìí di ẹ̀tọ́ orí ọ̀nà náà mú fún àwọn tó dáwó. Ìjọba wá ń háyà ọ̀nà náà lọ́wọ́ wọn, ó sì ń san rẹ́ǹtì ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Nígbà tí àsìkò bá pé, ìjọba á rà á padà, oníkálukú á gba ojú owó rẹ̀. Àdéhùn háyà yìí ni wọ́n ń pè ní ìjárà. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi lè fi owó súkúkù san owó oṣù òṣìṣẹ́: ohun tó ṣeé háyà gbọ́dọ̀ wà.

Ní 2017, 10,000 náírà ló kéré jù téèyàn lè fi wọlé. Rẹ́ǹtì ọdún kan jẹ́ ìdá 16.47 nínú ọgọ́rùn-ún, fún ọdún méje. Ká ní ìyá wa kó 100,000 sí i, 8,235 náírà ni yóò máa gbà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́rìnlá, rẹ́ǹtì rẹ̀ á ti pé 115,290 náírà, 100,000 rẹ̀ á sì padà sọ́wọ́ rẹ̀.

Àmọ́ ẹ fojú sílẹ̀ o. Rẹ́ǹtì yìí kì í yí padà, ọjà sì ń gbówó lórí. Lọ́dún 2024 tí súkúkù yẹn pé, ọ̀wọ́ngógó ọjà ti ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. 100,000 tí ìyá náà gbà padà kò lè ra iye aṣọ tó ń rà ní 2017. Ẹni tó bá sì nílò owó rẹ̀ kí àsìkò tó pé kò lè lọ gbà á lọ́wọ́ ìjọba. Àfi kó tà á fún ẹlòmíì lọ́jà ìdókòwò, ó sì lè má rí ojú owó rẹ̀.

Ẹni tí kò bá fẹ́ dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lè lọ sí báńkì tí kì í gba èlé, irú Jáìsì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012. Àkáǹtì tí wọ́n ń pè ní mùdárábà wà níbẹ̀. Báńkì á fi owó náà ṣòwò, wọ́n á sì pín èrè bí wọ́n ṣe jọ ṣàdéhùn. Bí àdéhùn bá jẹ́ 60 fún olówó, 40 fún báńkì, tí owó ìyá yìí sì mú 20,000 wọlé, 12,000 ni tirẹ̀. Bí kò bá sí èrè, kò sí ohun tí wọ́n máa pín. Bí òwò bá sì pàdánù láìjẹ́ pé báńkì ṣe àìbìkítà, olówó ló ru ú.

Ibi téèyàn ti lè dá ayédèrú mọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ní òun ń fowó ṣòwò halálì, tó tún ṣèlérí ìdá 10 lórí owó yín lóṣooṣù, yálà ọjà tà tàbí kò tà, èlé ló ń pè ní èrè yẹn. Ó sì lè jẹ́ gbájúẹ̀ pọ́ńbélé. Ẹ bi í: kí lẹ fi owó náà rà? Ta ló máa ru àdánù? Àwọn àlùfáà wo ló yẹ àdéhùn náà wò? Kẹ́ ẹ sì wádìí lọ́dọ̀ àjọ tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò bóyá wọ́n forúkọ sílẹ̀, kó tó di pé owó kúrò lọ́wọ́ yín.