Oògùn Ibà Kan àti Ọmọ Tí Omi Ara Rẹ̀ Ti Gbẹ

Láti inú èdè ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni iṣẹ́ mi. Bí ara ọmọ bá gbóná ní Ìpàpó, "oògùn ara gbígbóná" ni ìyá rẹ̀ yóò béèrè ní ilé kẹ́mísì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń béèrè rẹ̀ ní Ṣakí àti ní Ìṣẹ́yìn. Orúkọ kan ṣoṣo yìí ń bo oògùn méjì mọ́lẹ̀: parasítámọ̀ àti àìbùpúrófẹ̀nì. Àwọn méjèèjì a máa mú ara tutù, ṣùgbọ́n ohun tí èkejì ń ṣe sí kídìnrín ọmọ kò jọ ti èkíní.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọ oṣù mẹ́sàn-án kan, tí ó wọn kílò 8, ní oṣù Ẹrẹ́nà nígbà tí oòrùn ń mú. Láti àná ni ó ti ń bì, tí ó sì ń yàgbẹ́ gbuuru, ara rẹ̀ sì gbóná. Ìyá rẹ̀ ra àìbùpúrófẹ̀nì olómi, tí mílígíráàmù 100 wà nínú mílílítà 5 rẹ̀. Mílígíráàmù 10 fún kílò kan ni ó pọ̀ jù lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ó wọn mílílítà 4, ó sì fún ọmọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Kò ṣi ìwọ̀n rárá. Síbẹ̀, nígbà tí ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìlédìí ọmọ náà gbẹ gbáú láti òwúrọ̀ wá.

Kí ni ó fa èyí? Nígbà tí omi ara bá dín kù, ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú a dín kù, ara a sì fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ kí èyí tí ó kù lè tó fún ọpọlọ àti ọkàn. Kídìnrín ìbá kú bí kò bá ní ohun tí ń gbà á. Èròjà kan wà tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, pírọ́sítágílándìnì ni orúkọ rẹ̀, tí ó máa ń di ẹnu iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ kídìnrín mú ní ṣíṣí. Èròjà yìí kan náà ni ó ń gbé ibà àti ìrora dìde. Àìbùpúrófẹ̀nì ń dá ṣíṣe rẹ̀ dúró, ìdí nìyẹn tí ibà fi ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu iṣan náà a sì pa dé. Ọmọ tí ara rẹ̀ kún fún omi kò ní í mọ̀ ọ́n lára. Ti ọmọ tí ó ti ń bì ni ìṣòro. Ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà kan tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 2013 lórí àwọn ọmọ 27 tí irú oògùn yìí ba kídìnrín wọn jẹ́. Nínú àwọn tí a mọ ìwọ̀n tí wọ́n lò, ọ̀pọ̀ jù lọ kò lò ju bí ó ti yẹ lọ.

Èròjà yìí kan náà ni ó ń dáàbò bo awọ inú ikùn, ìdí mìíràn nìyẹn tí oògùn náà kò fi bá ikùn òfìfo tí ń bì mu.

Ti ọmọ jòjòló wá ńkọ́? Kídìnrín ọmọ tuntun kò tíì gbó. Ó di bí ọdún kan sí méjì kí ó tó ṣiṣẹ́ bí ti àgbà, èròjà yẹn ni ó sì gbójú lé. Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn. Ọmọ tí a bí láìpé oṣù a máa ní iṣan kan lẹ́bàá ọkàn tí kò pa dé, nítorí pé pírọ́sítágílándìnì ṣì ń ṣí i. Àwọn dókítà a máa fi àìbùpúrófẹ̀nì pa á dé, ṣùgbọ́n wọn a máa wọn ìtọ̀ ọmọ náà, bí ó bá sì dín kù jù, wọn a dá oògùn dúró. Ta ni yóò wọn ìtọ̀ nílé? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní kí a má fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tàbí tí kò tó kílò 5, àyàfi tí dókítà bá sọ. Ní Amẹ́ríkà, oṣù mẹ́fà ni. Bí ara ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta bá sì gbóná, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí àrùn tí ó wà lábẹ́ ibà náà lè le.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọ wa ti Ìpàpó. Kí ìyá rẹ̀ tó ra oògùn ni ó yẹ kí ó ti wò ó: ojú tí ó jìn wọnú, ẹnu gbígbẹ, ẹkún tí kò lómi, àti awọ ikùn tí a fún pọ̀ tí kò tètè padà. Omi ni ó kọ́kọ́ tọ́ sí i. Ìyẹ̀fun ó-áà-ẹ̀ẹ̀sì tí a pò mọ́ omi, mílílítà 75 fún kílò kan láàárín wákàtí mẹ́rin, ìyẹn mílílítà 600 fún un, ni kí a máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá bì, kí a dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a tún bẹ̀rẹ̀. Ọmú kò gbọdọ̀ dúró. Fún ibà, parasítámọ̀ mílígíráàmù 120 tó fún un lẹ́ẹ̀kan, kí wákàtí mẹ́rin ó kéré tán sì wà láàárín, kó má ju ìgbà mẹ́rin lọ lóòjọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò lè mu, tí ń sùn jù, tàbí tí kò tọ̀ bí ti ọmọ wa yìí, ìgbà oògùn ilé ti kọjá lára rẹ̀: kí a dá àìbùpúrófẹ̀nì dúró, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí a mú ìgò oògùn náà dání. Bí a bá tètè ṣe bẹ́ẹ̀, kídìnrín sábà máa ń padà bọ̀ sípò.

Ìgò náà ṣe pàtàkì, nítorí orúkọ tí ilé iṣẹ́ kọ gàdàgbà síwájú rẹ̀ lè yàtọ̀ sí orúkọ oògùn inú rẹ̀, tí wọ́n fi lẹ́tà kéékèèké kọ sẹ́yìn. Ìbéèrè méjì ni mo máa ń fẹ́ kí ẹni tí ń ta oògùn bi ìyá kó tó na ọwọ́ sí pẹpẹ: ọmọ oṣù mélòó ni, ìgbà wo ni ó sì tọ̀ kẹ́yìn?