Oorun Tí Kò Tó, Ikùn Tí Kì í Yó

Ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé ẹni tí ó bá jẹun tán tí ó sì fẹ̀yìn lélẹ̀, tí ó ń sùn títí oòrùn fi ń wọ inú yàrá bá a, ni ara rẹ̀ í tóbi, àti pé ẹni tí kì í fojú ba oorun, tí iṣẹ́ àti àníyàn kì í jẹ́ kí ó sinmi, ni í rù hangogo. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn olùwádìí ti ń rí láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn kò bá a mu: ẹni tí kò sùn tó ni ebi ń pa ju bí ó ti yẹ lọ, ìpápánu ni ọkàn rẹ̀ sì máa ń fà sí, kì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ wọ̀bìà, bí kò ṣe nítorí pé nǹkan ti yí padà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ó tó dìde lórí ibùsùn.

Họ́mòònù ni à ń pe àwọn èròjà tí ẹ̀yà ara kan ń ṣe, tí ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn lọ jíṣẹ́ fún ẹ̀yà ara mìíràn. Méjì nínú wọn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ. Èkíní ni lẹ́pítíìnì, tí Jeffrey Friedman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Rockefeller ní Niu Yọ́ọ̀kì ṣàwárí ní 1994. Ọ̀rá ara ni ó ń ṣe é, iṣẹ́ tí ó sì ń jẹ́ fún ọpọlọ ni pé oúnjẹ ṣì wà nípamọ́, kí ọkàn balẹ̀. Èkejì ni gírẹ́líìnì, tí Masayasu Kojima àti Kenji Kangawa ṣàwárí ní Jàpáánù ní 1999. Àpòlúkù ni ó ń tú u jáde nígbà tí ó bá ṣófo, a máa pọ̀ sí i bí àkókò oúnjẹ bá ti ń súnmọ́, a sì máa rẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti jẹun tán. Apá kan náà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ ni àwọn méjèèjì ń lọ jíṣẹ́ sí, ibẹ̀ ni a sì ti ń pinnu bóyá kí ènìyàn dìde lọ wá oúnjẹ tàbí kí ó fi ọwọ́ lérán. Nígbà tí gírẹ́líìnì bá lékè, tí ohùn lẹ́pítíìnì sì rẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti àwọn àgbà tí ó ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ní 2004 ni Karine Spiegel, Esra Tasali, Eve Van Cauter àti ẹnìkejì wọn ní Yunifásítì Ṣikágò tẹ ìwádìí kan jáde tí ó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ọ̀dọ́mọkùnrin 12 ni wọ́n lò, tí ara wọn dá ṣáṣá, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí ọdún 22. Olúkúlùkù wọn ni ó sùn sí ilé ìwádìí lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: nígbà kan, wọ́n fún un ní wákàtí mẹ́rin péré lórí ibùsùn fún òru méjì tẹ̀lé ara wọn, láti agogo kan òru sí agogo márùn-ún ìdájí, nígbà kejì, wọ́n fún un ní wákàtí mẹ́wàá. Ibi tí ọgbọ́n wọn ti hàn ni ọ̀ràn oúnjẹ, nítorí pé bí ènìyàn bá ti fi ẹnu kan oúnjẹ ni họ́mòònù méjèèjì yóò ti máa rú sókè rú sísàlẹ̀, tí a kò sì ní mọ èyí tí oorun fà yàtọ̀ sí èyí tí àwo fà. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ náà wò, wọn kò gbé oúnjẹ síwájú wọn rárá. Omi ṣúgà ni wọ́n ń fà sí wọn lára láti inú iṣan, ìwọ̀n kan náà láìdáwọ́ dúró, kí ó má baà sí pé ẹnìkan jẹ ju ẹnìkan lọ.

Ohun tí wọ́n rí ni pé lẹ́yìn òru méjì tí oorun kò tó náà, lẹ́pítíìnì dínkù ní ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún, gírẹ́líìnì sì lé ní ìdá 28. Nígbà tí wọ́n bi àwọn ọ̀dọ́ náà léèrè bí ebi ti ń pa wọ́n tó, ó lé ní ìdá 24, ẹni tí ìyípadà họ́mòònù rẹ̀ sì pọ̀ jù ni ebi ń pa jù. Ẹ rántí pé ìwọ̀n agbára kan náà ni ṣúgà ń fún ara wọn ní ìgbà méjèèjì. Ara kò pàdánù ohunkóhun tí ó yẹ kí ó máa torí rẹ̀ ké. Bí a bá sì bèèrè irú oúnjẹ tí ọkàn wọn fẹ́, àkàrà òyìnbó àti bisikíìtì, ẹ̀pà oníyọ̀, búrẹ́dì àti ọ̀dùnkún ni ó ṣáájú, tí ìfẹ́ wọn sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lé ní ìdá 33 títí dé 45. Ìyánhànhàn náà mọ ibi tí ó ń lọ. Kò yà sí ọ̀dọ̀ ẹ̀fọ́.

Bí ọ̀ràn bá parí síbẹ̀, ìbá rọrùn láti sọ fún gbogbo ayé pé họ́mòònù méjì ni ó jẹ̀bi, kí á sì tú ká. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní 2009, ní Ṣikágò kan náà, Arlet Nedeltcheva àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ènìyàn 11 jọ, wọ́n fi wọ́n sí abẹ́ òrùlé kan fún ọjọ́ 14 pẹ̀lú wákàtí márùn-ún ààbọ̀ lórí ibùsùn lálẹ́, àti ọjọ́ 14 mìíràn pẹ̀lú wákàtí mẹ́jọ ààbọ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọ́n jẹ́ kí olúkúlùkù jẹ ohun tí ó bá wù ú. Oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìpápánu ni ó yàtọ̀: kálórì 1,087 ní ojúmọ́ nígbà tí oorun kò tó, 866 nígbà tí ó tó, èyí tí ó pọ̀ jù sì jẹ́ láàárín agogo méje alẹ́ sí agogo méje àárọ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, lẹ́pítíìnì àti gírẹ́líìnì kò yàtọ̀ lọ títí. Lójú tèmi, ìwádìí yìí kò fọ́ ti 2004, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé nígbà tí oúnjẹ bá pọ̀ rẹpẹtẹ lárọ̀ọ́wọ́tó, jíjẹ àjẹjù fúnra rẹ̀ lè pa ipasẹ̀ àwọn họ́mòònù náà rẹ́, nítorí pé ẹni tí ó ti jẹun lájẹjù ni lẹ́pítíìnì rẹ̀ í lé. Àti pé ìpápánu tí à ń jẹ lóru kì í ṣe ti ebi nìkan.

Bí kì í bá ṣe ti ebi nìkan, ti kí ni? Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ẹni tí ó bá mu igbó, oúnjẹ kì í sú u, ohun dídùn sì máa ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ara wa pẹ̀lú ń ṣe èròjà tirẹ̀ tí ń wọ inú ilé kan náà nínú ọpọlọ tí igbó ń wọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni 2-AG. Ní 2016, Erin Hanlon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ṣikágò wọ̀n ọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ 14. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá sùn tó, a máa lọ sókè ní ọ̀sán, a sì máa sọ̀kalẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọn kò bá sùn ju wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀ lọ, ó fi nǹkan bí ìdá 33 ga sí i, ó sì dúró lókè di alẹ́. Wọ́n fún wọn ní oúnjẹ tí ó tó ìdá 90 nínú ohun tí ara wọn nílò fún gbogbo ọjọ́ náà. Kò pé wákàtí méjì tí wọ́n gbé ìpápánu síwájú wọn, wọ́n sì tún kọjú mọ́ ọn, tí ọ̀rá inú ohun tí wọ́n jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ikùn ti yó, ọkàn ni kò gbà.

Ẹnìkan lè wí pé àìsùn pẹ̀lú ń jó agbára, nítorí náà kí ẹni tí kò sùn jẹun sí i kò burú. Òótọ́ ni. Ní Yunifásítì Kolorádò ní 2013, àwọn tí wọ́n fún ní wákàtí márùn-ún péré fún òru márùn-ún jó agbára tí ó fi nǹkan bí ìdá márùn-ún lé. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n jẹ ju gbèsè náà lọ. Ohun tí wọ́n ń jẹ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ nìkan ju oúnjẹ ìgbà kọ̀ọ̀kan lọ, wọ́n sì fi kílò 0.82 wúwo sí i láàárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ̀rí tí ó dára jù lójú mi wá ní 2022, nítorí pé kò sí ilé ìwádìí nínú rẹ̀. Tasali kó ènìyàn 80 jọ, ọmọ ọdún 21 sí 40, tí ara wọn ti tóbi díẹ̀, tí wọn kì í sùn tó wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Ilé ara wọn ni wọ́n wà, wọ́n ń jẹ ohun tí wọ́n ń jẹ, kò sí ẹni tí ó bá wọn sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ìdajì wọn ni a jókòó tì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí bí wọn yóò ṣe máa tètè sùn, bí kí wọ́n máa gbé fóònù sílẹ̀ kí wọ́n tó dùbúlẹ̀, oorun wọn sì fi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ gùn sí i. Ohun tí wọ́n jẹ kò ṣeé bi wọ́n léèrè, nítorí pé kò sí ẹni tí ń rántí gbogbo ẹ̀pà tí ó ti jù sẹ́nu; omi tí a sàmì sí ni wọ́n fún wọn mu. Háídírójìn inú omi náà ń bá omi tí ń kúrò lára jáde nìkan, ṣùgbọ́n ọ́síjìn rẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta jáde pẹ̀lú, nítorí náà ìyàtọ̀ tí ó bá wà láàárín méjèèjì nínú ìtọ̀ ni ó ń sọ iye agbára tí ara ti jó. Bí a bá sì fi ìyípadà ìwọ̀n ara kún un, iye tí ẹni náà jẹ yóò hàn, ìbáà gbàgbé, ìbáà parọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn tí oorun wọn gùn ń fi kálórì 270 jẹ dínkù lójúmọ́ ju àwọn tí kò yí ìwà padà lọ, ìyàtọ̀ ìwọ̀n wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan. Àwọn olùwádìí ṣe ìṣirò pé bí ó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, yóò tó kílò 12. Ìṣirò ni, wọn kò gbé ẹnikẹ́ni lé òṣùwọ̀n fún ọdún mẹ́ta, ara ènìyàn tí ń fọn kì í sì í ṣaláì ja padà. Ìwádìí náà kò sì dárúkọ èròjà tí ó ṣe iṣẹ́ náà, ìbáà ṣe gírẹ́líìnì, ìbáà ṣe 2-AG, ìbáà ṣe wákàtí ìpápánu tí ó kúrú nítorí pé onílé ti sùn.