Yíyẹ ọ̀rọ̀ abẹ́ fídíò wò

Etí ni a fi ń yẹ ọ̀rọ̀ abẹ́ fídíò wò, kì í ṣe ojú nìkan. Nínú fídíò tí ó ń kọ́ àwọn ìyá ní omi oníyọ̀-àti-ṣúgà fún ọmọ tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru, olùkọ́ni sọ pé kí wọ́n bu ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sí lítà omi kan. Bí a bá ṣì í gbọ́, tí a kọ ọ́ ní “ṣíbí tíì iyọ̀ méjì”, gbólóhùn náà dán mọ́rán lójú, ṣùgbọ́n iyọ̀ ti di ìlọ́po mẹ́rin, ó sì lè ṣe ọmọ léṣe. Nítorí náà, gbogbo ibi tí iye bá wà ni ó yẹ kí a tún gbọ́.

Àmì ìdánudúró sábà máa ń bọ́ síbi tí olùkọ́ni ti mí. “Bí ọmọ bá bì, dúró fún ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn náà, fún un díẹ̀díẹ̀.” Bí àmì bá bọ́ sẹ́yìn “dúró”, ìṣẹ́jú 10 á di àkókò fífún un lómi.

Ìlà méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí lẹ́tà 42 lọ, ni ó tó lójú fídíò. (Kọ̀ǹpútà mìíràn ń ka àmì ohùn mọ́ lẹ́tà, iye náà a sì wú.) Ẹ wo ìlà tí a gé báyìí:

“Bu ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì
ṣíbí tíì iyọ̀ sínú omi náà.”

Òǹkàwé á rò pé ṣúgà mẹ́fà àbọ̀ ni. Ẹ̀yìn “mẹ́fà” ni ó yẹ kí a ti gé e.