Àwòrán Tó Ń Tọ́ka Ọ̀nà Ẹ̀yáwó: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣàlàyé Rẹ̀ fún Ọmọ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù

Àwòrán ìgbésẹ̀ ni àwòrán tó ń fi àpótí àti ọfà sọ bí iṣẹ́ kan ṣe ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn títí yóò fi parí. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀nà tí ẹ̀yáwó ń gbà ló sábà máa ń nílò irú àwòrán bẹ́ẹ̀, torí òun ló máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ìpàdé oṣooṣù: fọ́ọ̀mù ta ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, ọwọ́ ta ló wà báyìí, kí ló dé tí owó lágbájá fi jáde ṣáájú ti tàmẹ̀dò?

Ọgbọ́n àwòrán yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1921, Frank Gilbreth àti ìyàwó rẹ̀, Lillian, gbé e kalẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, kí àwọn oníléeṣẹ́ lè rí ibi tí iṣẹ́ wọn ti ń falẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọdún 1935 ni ìjọba ṣe òfin àkọ́kọ́ fún irú àwọn ẹgbẹ́ yìí, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá sì forúkọ sílẹ̀ ní láti ní ìwé òfin tirẹ̀. Inú ìwé yẹn ni ìlànà ẹ̀yáwó wà. Ṣùgbọ́n abala kan lè wà ní ojú ewé kẹta, kí ìyókù wà ní ojú ewé kẹjọ, ó sì di dandan kí ẹni tó fẹ́ yá owó so wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí àwòrán ń ṣe ni pé ó kó gbogbo rẹ̀ sí ojú kan.

Ìgbà tó dára láti ṣàlàyé rẹ̀ ni kété tí wọ́n bá ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá tán, kí gbígba owó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ló máa ń dìde lọ tí wọ́n bá ti san tiwọn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fún un. Wọ́n á ya àwòrán náà sórí ìwé fífẹ̀ kan, kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá lè ka ohun tó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Yorùbá ni kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́, kí ẹni tó ń ṣàlàyé sì máa kà á sókè bó ṣe ń fọwọ́ kàn án, torí kì í ṣe gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló mọ̀wé kà.

Àmì mẹ́ta péré ni wọ́n ní láti kọ́kọ́ mọ̀. Àmì roboto gígùn ń sọ ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Àpótí onígun mẹ́rin ń sọ ohun tí ẹnì kan ní láti ṣe. Èyí tó dúró lórí ṣóńṣó igun rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè, ọfà méjì ló sì máa ń jáde lára rẹ̀: wọ́n kọ “Bẹ́ẹ̀ ni” sí ọ̀kan, wọ́n kọ “Rárá” sí èkejì. Ní àfikún, wọ́n máa ń pín ìwé náà sí òpó mẹ́rin láti òkè délẹ̀: òpó ọmọ ẹgbẹ́, ti akọ̀wé, ti akápò àti ti ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó. Òpó tí àpótí bá bọ́ sí ló ń sọ ẹni tó ni iṣẹ́ náà. Nígbà tí ọfà bá rékọjá láti òpó kan sí òmíràn, fọ́ọ̀mù ti pààrọ̀ ọwọ́ nìyẹn, ibẹ̀ ló sì ti máa ń sọnù tàbí pẹ́ jù.

Bí wọ́n bá ti mọ àmì, ó tó kí ẹni tó ń ṣàlàyé mú fọ́ọ̀mù kan rìn láti òkè délẹ̀. Ká ní òfin ẹgbẹ́ kan sọ pé ẹ̀yáwó kò gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjì owó tí ọmọ ẹgbẹ́ fi pamọ́ lọ, pé onídùúró méjì ni yóò dúró fún un, àti pé ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ dúró fún ju èèyàn méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ₦150,000 nínú ìwé rẹ̀, ó sì fẹ́ yá ₦350,000 kó fi ra ọjà ọdún. Ó gba fọ́ọ̀mù, ó kọ ọ́, ó fà á lé akọ̀wé lọ́wọ́. Akọ̀wé kọ ọjọ́ tó gbà á sí i, ó sì fún un ní nọ́ńbà. Àpótí kékeré yìí ló ń yanjú awuyewuye ẹni tó kọ́kọ́ dé.

Fọ́ọ̀mù bọ́ sí òpó akápò, ibẹ̀ ni ìbéèrè àkọ́kọ́ wà: ṣé owó tó béèrè kò ju ìlọ́po méjì ìfipamọ́ rẹ̀ lọ? Ìlọ́po méjì ₦150,000 jẹ́ ₦300,000, nítorí náà ìdáhùn ni “Rárá.” Ọfà “Rárá” kò dúró sójú kan, ó padà sí òpó ọmọ ẹgbẹ́, sí àpótí tí wọ́n kọ “Dín owó kù tàbí fi owó kún ìfipamọ́” sí. Ìyá yìí dín in kù sí ₦300,000, fọ́ọ̀mù rẹ̀ sì kọjá. Ìbéèrè kejì jẹ́ ti onídùúró. Akápò wo ìwé, ó rí i pé ọ̀kan nínú àwọn méjì tó mú wá ti dúró fún èèyàn méjì tí kò tíì san gbèsè wọn tán. “Rárá” tún ni. Ọfà padà sọ́dọ̀ ìyá aláṣọ pé kó mú ẹlòmíràn wá, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó gbà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kò yí padà. Ó yẹ kí ẹni tó ń ṣàlàyé dúró díẹ̀ níbí, nítorí níbi tí kò bá ti sí àwòrán, ẹni tí wọ́n dá fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà máa ń rò pé wọ́n fi ohun tóun fẹ́ dù òun ni, ó sì lè má padà wá mọ́.

Ìbéèrè kẹta wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó: ṣé owó tó wà lápò ẹgbẹ́ tó? Bí kò bá tó, ọfà lọ sí àpótí “Dúró dé oṣù tó ń bọ̀,” ó sì tún padà sí ìbéèrè kan náà. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń tò àwọn tó ń dúró. Bí owó bá tó, ìgbìmọ̀ á fọwọ́ sí i, àwọn tí òfin yàn á fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì, akápò á kọ ọ́ sínú ìwé, ìyá aláṣọ á sì gba owó rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló máa ń parí àwòrán wọn síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdajì iṣẹ́ ṣì kù. Àwòrán tó pé ń bá a lọ títí gbèsè yóò fi tán. Ká ní oṣù mẹ́wàá ni ìyá yìí fẹ́ fi san án, tí èlé sì jẹ́ náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù lórí gbèsè tó kù. Lóṣù kọ̀ọ̀kan, yóò san ₦30,000 nínú ojúlówó owó. Èlé oṣù àkọ́kọ́ jẹ́ ₦3,000, nítorí náà ₦33,000 ló mú wá. Ní oṣù kejì, gbèsè ti di ₦270,000, èlé di ₦2,700. Báyìí ni yóò máa rọlẹ̀ títí di oṣù kẹwàá, tí yóò san ₦30,300. Lórí àwòrán, ọfà ń yípo lọ́dọọdọ̀ àpótí kan, “Gba owó oṣù yìí,” àti ìbéèrè kan, “Ṣé gbèsè ti tán?” Ìgbà tí ìdáhùn bá di “Bẹ́ẹ̀ ni” ni wọ́n tó dá àwọn onídùúró sílẹ̀.

Ẹ̀ka kan ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò san. Bí oṣù kan bá kọjá, akọ̀wé á pè é. Bí ó bá di méjì, wọ́n á ránṣẹ́ pe àwọn onídùúró. Bí ó bá di mẹ́ta, wọ́n á yọ gbèsè náà lára ìfipamọ́ rẹ̀, bí òfin ẹgbẹ́ bá gbà bẹ́ẹ̀, èyí tó bá sì ṣẹ́kù di ti onídùúró. Àwọn tó fẹ́ dúró fún ẹlòmíràn ló yẹ kó tẹjú mọ́ ibí yìí jù. Lẹ́yìn oṣù karùn-ún, gbèsè ìyá aláṣọ ku ₦150,000, iye kan náà tó wà nínú ìfipamọ́ rẹ̀. Bí ó bá dáwọ́ dúró ṣáájú ìgbà yẹn, onídùúró máa san lára rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ìfipamọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ tó ojúlówó gbèsè náà san, àyàfi èlé tó bá gun orí rẹ̀.

Lẹ́yìn àlàyé, ó dára kí wọ́n fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láyè láti dán àwòrán náà wò. Kí ẹnì kan fi ìka tọ ọ̀nà fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ̀, kì í ṣe ti èyí tí wọ́n gbà, torí ibẹ̀ ni àléébù máa ń fara pa mọ́ sí. Bí ìbéèrè kan bá ní ọfà “Bẹ́ẹ̀ ni” tí kò ní ọfà “Rárá,” ẹgbẹ́ kò tíì pinnu ohun tí wọn yóò ṣe fún ẹni tí kò yege, akọ̀wé nìkan ni yóò sì máa dá a rò. Bí àpótí kan bá wà tí ọfà wọ inú rẹ̀ tí kò sí èyí tó jáde, fọ́ọ̀mù yóò máa jókòó síbẹ̀. Bí àpótí bá sì wà lórí ààlà òpó méjì, ẹni méjì á máa retí ara wọn. Ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú wọn kó sọ ọ́ lójú ìpàdé, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí àwòrán kò lè sọ. Ọfà kì í sọ iye ọjọ́ tí iṣẹ́ ń gbà, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n kọ gbèdéke sí ẹ̀gbẹ́ àpótí tó bá nílò rẹ̀, bíi ọjọ́ méje fún akápò láti yẹ ìwé wò. Kò sì lè sọ bóyá ìgbìmọ̀ ṣe ojúsàájú. Ó kàn ń fi ibi tí ó ti yẹ kí èèyàn béèrè hàn ni. Lékè gbogbo rẹ̀, àwòrán kì í ṣe òfin. Bí ohun tí wọ́n yà bá yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé òfin ẹgbẹ́, ìwé òfin ló lékè, àwòrán ni wọ́n á tún yà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ọjọ́ tí wọ́n yà á wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì ká ti àtijọ́ kúrò lára ògiri lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé tuntun kọ́.