VPN Wà ní Títàn, Síbẹ̀ Wọ́n Ń Rí Ibi Tí Ẹ Ń Lọ

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnìkan n'Íbàdàn, tó fi fóònù rẹ̀ gbé íńtánẹ́ẹ̀tì fún kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń lo Windows 10. Ó tan VPN, ó yan Lọ́ńdọ̀n, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ohun tó ń kà ń gba inú VPN kọjá lóòótọ́, àmọ́ orúkọ ojú-òpó tó ń lọ lè máa jò síta.

Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ ojú-òpó, kì í ṣe orúkọ. Kó tó ṣí ojú-òpó ilé ìwòsàn kan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní DNS. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta détà fún wa ló sábà máa ń ni ẹ̀rọ yìí. Bí VPN bá ti wà ní títàn, inú rẹ̀ ló yẹ kí ìbéèrè náà gbà. Ṣùgbọ́n Windows 10, nítorí àtiyára, lè fi ìbéèrè kan náà gba ọ̀nà VPN àti ọ̀nà Wai-Fai lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì lo ìdáhùn tó bá tètè dé. Èyí tó gba Wai-Fai ló jò yẹn. Ilé-iṣẹ́ détà kò ní rí ohun tí ẹ kà, ṣùgbọ́n yóò rí orúkọ ilé ìwòsàn náà àti àsìkò tí ẹ lọ síbẹ̀. Fún aláìsàn tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ pamọ́, ìyẹn nìkan ti pọ̀ jù.

Láti mọ̀ bóyá ó ń jò, ẹ pa VPN ná, kí ẹ ṣí dnsleaktest.com, kí ẹ sì tẹ "Extended test". Ẹ kọ orúkọ tó wà lábẹ́ "ISP" sílẹ̀. Ẹ wá tan VPN, kí ẹ tún un ṣe. Bí orúkọ ilé-iṣẹ́ détà yín bá tún yọjú, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan láàárín àwọn mìíràn, ó ń jò. Ẹ má ṣe gbára lé Lọ́ńdọ̀n tí ẹ rí lójú ewé àkọ́kọ́: ibi tí VPN ti jáde nìyẹn ń sọ, kò sọ ẹni tó dáhùn ìbéèrè DNS.

Bó bá jẹ́ OpenVPN lẹ ń lò, ẹ fi Notepad ṣí fáìlì rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ parí sí .ovpn, kí ẹ fi ìlà yìí kún un:

```
block-outside-dns
```

Ẹ pa VPN, kí ẹ tún un tàn. Ìlà yìí ń dí ọ̀nà DNS tó wà lẹ́yìn VPN títí ẹ ó fi pa á. Bí ojú-òpó kankan kò bá ṣí mọ́, VPN yín ni kò fún kọ̀ǹpútà ní DNS tirẹ̀. Ẹ fi `dhcp-option DNS 9.9.9.9` sí ìlà tó tẹ̀lé e. Àwọn VPN mìíràn ní bọ́tìnì tirẹ̀ nínú "Settings", "DNS leak protection" ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀. Èyí ó wù kí ẹ ṣe, ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Bó bá sì ti dí tán, ẹni tó ni VPN ṣì lè rí àwọn orúkọ wọ̀nyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe lo VPN ọ̀fẹ́ tí ẹ kò mọ ẹni tó ni ín.