Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń To Gbogbo Ẹgbẹ́ Tó Wà Láàárín Ọ̀pọ̀ Ènìyàn

Ẹ jẹ́ ká mú ènìyàn mẹ́fà. Adé, Bọ́lá àti Kẹ́mi mọ ara wọn. Bọ́lá, Kẹ́mi àti Dàpọ̀ náà mọ ara wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni Dàpọ̀, Fẹ́mi àti Ṣadé. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, ẹnì kankan kò mọ ẹnì kejì. Ẹgbẹ́ tí a ń wá ni èyí tí gbogbo ọmọ inú rẹ̀ mọ ara wọn, tí kò sì sí ará ìta kan tó mọ gbogbo wọn tí a lè fi kún un. Adé àti Bọ́lá nìkan kò tíì kún, nítorí Kẹ́mi mọ àwọn méjèèjì.

Ní 1973, Coen Bron àti Joep Kerbosch tẹ ìlànà kan jáde tí kọ̀ǹpútà fi ń to irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, láìfo ọ̀kan, láìpe ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ mẹ́ta ni wọ́n fún àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń lò. R ni àwọn tó ti wọ ẹgbẹ́ tí à ń kọ́ lọ́wọ́. P ni àwọn tó mọ gbogbo ará R, tí a ṣì lè fi kún un. X ni àwọn tó mọ gbogbo ará R, ṣùgbọ́n tí a ti yẹ̀ wò tán tẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà á mú ẹnì kan láti P sínú R, á yọ àwọn tí ẹni náà kò mọ̀ kúrò nínú P àti X, á sì tẹ̀ síwájú. Bí P àti X bá ṣófo, ẹgbẹ́ ti kún. Bí P bá ṣófo ṣùgbọ́n X kò ṣófo, ẹgbẹ́ yẹn kò kún, á padà sẹ́yìn láìkọ nǹkan kan.

Bí a bá ní ká fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹni mẹ́fà yìí bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ àṣedànù á pọ̀. Ohun tó ń dín in kù ni pé ká yan ẹnì kan ṣe òpó. Ẹgbẹ́ tó bá kún gbọ́dọ̀ ní òpó nínú, tàbí kó ní ẹnì kan tí òpó kò mọ̀. Bí kò bá ní èyíkéyìí nínú méjèèjì, òpó mọ gbogbo wọn, a jẹ́ pé ó yẹ kó wọlé. Nítorí náà, òpó àti àwọn tí kò mọ̀ nìkan la máa gbìyànjú.

Dàpọ̀ ló mọ ènìyàn jù, òun la fi ṣe òpó. Adé nìkan ni kò mọ̀, nítorí náà ọ̀nà mẹ́fà ti di méjì. Ní ọ̀nà Dàpọ̀, P ni Bọ́lá, Kẹ́mi, Fẹ́mi àti Ṣadé. A fi Bọ́lá ṣe òpó, Kẹ́mi nìkan ló mọ̀ níbẹ̀. A gbìyànjú Bọ́lá, a rí Dàpọ̀, Bọ́lá àti Kẹ́mi. A gbìyànjú Fẹ́mi, a rí Dàpọ̀, Fẹ́mi àti Ṣadé. Nígbà tó kan Ṣadé, P ṣófo, ṣùgbọ́n Fẹ́mi wà nínú X, torí náà a padà. Ọ̀nà Adé ló mú Adé, Bọ́lá àti Kẹ́mi wá. Ó parí.

Òpó kò lè dín ẹgbẹ́ tó wà ní tòótọ́ kù. Pín ọgbọ̀n ènìyàn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, kí àwọn ará ọ̀wọ́ kan má mọ ara wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ gbogbo àwọn yòókù. Ẹgbẹ́ tó kún níbẹ̀ jẹ́ 59,049. Bí wọ́n bá di ọgọ́ta, ó ti lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta. Moon àti Moser fi hàn ní 1965 pé kò sí ìtò mìíràn tó lè ju èyí lọ fún iye ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn tí ẹnì kan mọ̀ kéré gan-an sí gbogbo ènìyàn tó wà. Ní 2010, David Eppstein, Maarten Löffler àti Darren Strash lo àǹfààní yìí. Kọ́kọ́ yọ ẹni tó mọ ènìyàn kéré jù, lẹ́yìn náà yọ ẹni tó kéré jù nínú àwọn tó kù, títí wọn á fi tán. Iye tó ga jù tí ẹnikẹ́ni ṣì mọ̀ nígbà tí a ń yọ ọ́ ni d. Fún ẹni mẹ́fà wa, d jẹ́ 2. Tí a bá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ní ètò ìyọkúrò yẹn, àwọn tó kù lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló ń wọ P, nítorí náà P kì í ju d lọ. Inú P kékeré yìí la ti wá ń lo òpó. Àkókò tí iṣẹ́ lè gbà jù kò kọjá ìwọ̀n d × n × 3^(d/3), níbi tí n jẹ́ iye ènìyàn. Bí n bá di ìlọ́po méjì tí d kò yí padà, iṣẹ́ náà á di ìlọ́po méjì péré.

Gbajúmọ̀ kan tí mílíọ̀nù ènìyàn mọ̀ kò bá iṣẹ́ jẹ́. Bí àwọn ènìyàn náà kò bá mọ ara wọn, d jẹ́ 1. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ìdí kékeré kan tí àwọn ọgọ́ta bíi ti òkè yẹn fara pamọ́ sí. Àárín mílíọ̀nù lè dà bí ẹni pé ó fọ́nká, síbẹ̀ ìdí yẹn nìkan á bí bílíọ̀nù ẹgbẹ́. Àkọsílẹ̀ náà ní tirẹ̀: tábìlì tó fi àyè kan fún ẹni méjì-méjì láàárín mílíọ̀nù ènìyàn á gba gígábáìtì 125, kódà bí àyè kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ bíìtì kan. Nítorí náà, fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní àkójọ àwọn tó mọ̀ nìkan. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, ṣírò d. Kò gba pẹ́ ju kíka gbogbo àkójọ náà lọ. Bí d bá kéré, tẹ̀ síwájú. Bí ó bá ga, wo ìdí tó fún un ga kó o tó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.